Afẹ́fẹ́ Tútù Lẹ́yìn Ẹ̀rọ Gbígbóná

Èmi ni mo fọwọ́ ara mi pe obìnrin náà wá, nítorí náà mi ò lẹ́nu láti dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Fíríìjì kékeré tó wà ní ṣọ́ọ̀bù mi, níbi tí mo ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, ló ṣàdédé kọ̀ tí kò tutù mọ́. Mo béèrè ẹni tó lè tún un ṣe, àwọn aládùúgbò ní kí n pe obìnrin kan tó máa ń gun kẹ̀kẹ́ kiri pẹ̀lú àpótí irinṣẹ́ lẹ́yìn. Ó dé. Ó kéré ní ìrísí, bàtà ọkùnrin ló wọ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì kún fún àpá bí ọwọ́ ẹni tó bá ológbò jà. Kò bi mí pé kí ló ṣe é. Kò tilẹ̀ ṣí ilẹ̀kùn fíríìjì náà wò. Ẹ̀yìn rẹ̀ ló gbà lọ, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sí àwọn irin wẹ́wẹ́ tó wà níbẹ̀.

Ó ní, "Ẹ̀yìn ẹ̀ ò gbóná rárá, ẹ̀gbọ́n. Fíríìjì tí ẹ̀yìn ẹ̀ ò bá gbóná, inú ẹ̀ ò lè tutù."

Àbúrò mi ọkùnrin jókòó sí kọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ náà, ó ń jẹ búrẹ́dì. Ó gbàgbé búrẹ́dì sọ́wọ́. Kí ọdún tó yí po, obìnrin onífíríìjì ti di ìyàwó ilé wa.

Owú orogún ni gbogbo ayé mọ̀. Kò sẹ́ni tó máa ń sọ̀rọ̀ nípa owú tí ẹ̀gbọ́n ń jẹ nítorí ìyàwó àbúrò rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ó ń jóni bákan náà, ó tún fi ìtìjú lé e. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi ju ọmọkùnrin yìí lọ. Nígbà tí àwọn òbí wa ti kú, èmi ni mo ń fọ aṣọ rẹ̀, èmi ni mo ń jókòó tì í bó bá ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá. Nígbà tó gbówó oṣù rẹ̀ àkọ́kọ́ ní ilé ìtẹ̀wé tó ti ń ṣiṣẹ́, èmi ni mo bá a yan láptọ́ọ̀pù tó fi ń gbá géèmù. Géèmù eré ọkọ̀ ni. Ó ra ìdarí ọkọ̀ tí wọ́n ń fọwọ́ yí, ó ra irin tí wọ́n ń fẹsẹ̀ tẹ̀, ó kan ìdarí náà mọ́ tábìlì, ó sì ń wakọ̀ bí ẹni tí wọ́n bí sínú ọkọ̀. Àwọn tó ń bá a figa gbága lórí ẹ̀rọ ń pè é ní Ẹ̀fúùfù. Ọdún márùn-ún gbáko, kò sí ẹlòmíràn tó fi síkúrúdíráfà kan ẹ̀rọ yẹn àfi èmi.

Ìgbà tí ìyàwó dé ni gbogbo gbólóhùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ní "ìyàwó mi ní" níwájú. Ìyàwó mi ní kí n máa mu omi bí mo bá ń gbá géèmù. Ìyàwó mi ní ká ṣí fèrèsé. Mo máa ń rẹ́rìn-ín, mo máa ń ní ó dáa bẹ́ẹ̀. Bí mo bá délé, màá fọ abọ́ tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.

Bí a ṣe wà rèé tí ìròyìn fi dé pé ẹgbẹ́ awakọ̀ orí kọ̀ǹpútà kan ń wá ẹnì kan sí i. Ẹgbẹ́ gidi ni, àwọn tó ń sanwó fún èèyàn láti máa wakọ̀. Wọn yóò dán ogún èèyàn wò ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan, eré wákàtí mẹ́rin láìdúró, olúkúlùkù nínú ilé rẹ̀. Ẹni tí ẹ̀rọ rẹ̀ bá kú lójú ọ̀nà ti jáde nìyẹn, wọn kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Àbúrò mi ti ń retí irú àǹfààní yìí láti ìgbà tó ti ń ṣe ọmọdé. Kò sùn dáadáa mọ́.

Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì tó wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù, ojú rẹ̀ ń dán.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ò mọ ohun tí ìyàwó mi ṣe. Ó fi búrọ́ọ̀ṣì gbá eruku ẹnu ihò ẹ̀rọ yẹn, ó wá gé róbà ẹnu fíríìjì kan tó ti bàjẹ́ sí méjì, ó fi gbé ẹ̀yìn ẹ̀ sókè. Mẹ́rinlélọ́gọ́rin ló máa ń kà tẹ́lẹ̀. Ó ti bọ́ sí mẹ́rìndínlọ́gọ́rin."

Kí ẹni tí kò mọ̀ lè tẹ̀ lé mi: ẹ̀rọ náà máa ń ka ooru ara rẹ̀, ó sì máa ń kọ ọ́ sí igun gíláàsì ojú rẹ̀. Nínú rẹ̀ ni ọpọlọ kan wà tó ń ya àwòrán, nǹkan bí àádọ́rùn-ún àwòrán láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo, ìyẹn ló fi ń dà bíi pé ọkọ̀ ń sáré lóòótọ́. Iṣẹ́ yẹn ń mú ooru wá. Bí ooru ọpọlọ yẹn bá dé mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún lára tirẹ̀, ẹ̀rọ á dẹ ara rẹ̀ lẹ́sẹ̀ kó má baà jóná, àwòrán á dín kù, ọkọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ta kọ́ńkọ́ bí ọ̀pọ̀lọ́. Bí ooru bá ṣì ń gòkè lẹ́yìn èyí, á pa ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kò ní dágbére fún ẹnikẹ́ni.

Ohun tí ìyàwó rẹ̀ ṣe dára, ó dára gan-an. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́ lẹ́nu. Nǹkan mẹ́jọ ló fi róbà àti búrọ́ọ̀ṣì yọ, nínú ẹ̀rọ tí mo ti ń tọ́jú láti ọdún márùn-ún.

Mo ní, "Ìyẹn ò burú fún ẹni tí kì í ṣe oníṣẹ́. Gbé e wá lọ́la, kí n ṣe é bó ṣe yẹ kí wọ́n ṣe é."

Ó gbé e wá. Mo tú u palẹ̀. Lórí ọpọlọ ẹ̀rọ, irin bàbà pẹlẹbẹ kan wà tó máa ń gba ooru, tí páìpù á sì gbé e lọ sọ́dọ̀ fáànù kó fẹ́ ẹ dànù. Pésìtì bí ìpara ìfọyín ló wà láàárín irin àti ọpọlọ kí wọ́n lè lẹ̀ mọ́ra. Àwọn ṣíìpù kéékèèké tó yí ọpọlọ náà ká ní páàdì rírọ̀ tiwọn lórí, irin kan náà ló sì bo gbogbo wọn. Àwọn páàdì yẹn ti gbẹ, wọ́n fà ya mọ́ mi lọ́wọ́. Èyí tó tinrin bíi tiwọn ti tán ní ṣọ́ọ̀bù. Ó yẹ kí n ní kó lọ kó padà wá bí mo bá ti rí òmíràn rà. Ṣùgbọ́n mo ti fọ́nnu, mi ò sì fẹ́ kó gbé ẹ̀rọ náà padà sọ́dọ̀ ìyàwó rẹ̀ kó ní ẹ̀gbọ́n òun ò rí i ṣe. Mo mú èyí tó nípọn jù ú lọ ní ìlọ́po méjì, mo gé e, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, mo ní ó sàn kó pọ̀ ju kó kéré lọ. Mo di síkúrù rẹ̀ pinpin.

Àṣejù, baba àṣetẹ́ ni. Ní ọjọ́ kẹta, àbúrò mi pè mí pé ẹ̀rọ òun kú nígbà tí òun ń wakọ̀. Lọ́jọ́ kejì ìyẹn, ó tún kú.

Ó béèrè lọ́wọ́ mi pé, "Kí ló lè fà á?"

Ibí yìí ni ìtàn mi ti burú, mi ò sì ní fi bò. Ọkàn kan sọ fún mi pé páàdì ni. Ẹnu mi sọ nǹkan mìíràn.

"Róbà tí ìyàwó ẹ fi síbẹ̀ ni. Ìsàlẹ̀ ni ẹ̀rọ yẹn ti ń fa afẹ́fẹ́. Róbà ti dí i lọ́nà. Yọ ọ́ kúrò."

Irọ́ ni. Róbà náà kò sún mọ́ ihò kankan, ẹ̀yìn ẹ̀rọ ló gbé sókè kí afẹ́fẹ́ lè ráyè wọlé. Mo gbọ́ pé ó bá ìyàwó rẹ̀ wí, pé kó má fọwọ́ kan ohun tí kò mọ̀ mọ́. Mo gbọ́ pé obìnrin náà yọ róbà méjèèjì, ó nù wọ́n, ó sì kó wọn sínú àpótí irinṣẹ́ rẹ̀. Ó dùn mọ́ mi. Ó dùn mọ́ mi fún bí ọjọ́ kan.

Ní ọjọ́rú tó ṣáájú Sátidé ìdánwò, mo lọ sí ilé wọn láti wo bí yóò ṣe fi ẹ̀rọ náà dánra wò. Yàrá wọn kò tóbi, tábìlì wà lábẹ́ fèrèsé, bẹ́ẹ̀dì wà lẹ́yìn, orí bẹ́ẹ̀dì ni èmi àti ìyàwó jókòó sí. Àbúrò mi dé ohun ìgbọ́rọ̀ ńlá mọ́ etí méjèèjì, ó bẹ̀rẹ̀. Ogún ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ lọ dáadáa. Lẹ́yìn náà, mo rí i tí ooru gun àádọ́rin, ó gun ọgọ́rin, fáànù ń ké bí ẹni tí wọ́n ń lé. Ó kan mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún. Àwòrán bọ́ láti àádọ́rùn-ún sí ogún. Ọkọ̀ rẹ̀ ń yí kọ́nà lọ́wọ́, ó ta kọ́ńkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó sì lọ forí sọ ògiri.

Ìyàwó rẹ̀ dìde. Ó lọ sẹ́yìn tábìlì, ó na àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ tó kún fún àpá síbi tí fáànù ń fẹ́ afẹ́fẹ́ jáde, gẹ́gẹ́ bó ṣe ṣe sí fíríìjì mi lọ́jọ́ kìn-ín-ní. Ó pẹ́ níbẹ̀.

Ó ní, "Afẹ́fẹ́ yìí tutù."

Bí ọpọlọ ẹ̀rọ bá gbóná tó báyìí, tí fáànù sì ń fi gbogbo agbára rẹ̀ ṣiṣẹ́, ó yẹ kí afẹ́fẹ́ tó ń jáde fẹ́rẹ̀ẹ́ jó èèyàn lọ́wọ́. Bó bá tutù, a jẹ́ pé ooru kò dé ọ̀dọ̀ fáànù rárá. Inú ló há sí, nítorí pé irin kò fara kan ọpọlọ dáadáa. Ẹni tó bá sì fi irin náà síbẹ̀ kẹ́yìn ló mọ ìdí. Ó gbójú sókè, ó wò mí. Mo wo kọ́tìnnì.

Ojú ẹ̀rọ dúdú, ó kú. Àbúrò mi fọwọ́ lu tábìlì.

"Kí ló ṣe é?" Ìyàwó rẹ̀ ni àbúrò mi bi.

Ìyàwó ní, "Mi ò tíì lè sọ. Ẹ jẹ́ kí n gbé e lọ fún ẹ̀gbọ́n ní ṣọ́ọ̀bù lọ́la, kí wọ́n fara balẹ̀ wò ó."

Ó gbé e dé láàárọ̀ ọjọ́bọ̀, ó fi aṣọ wé e bí ọmọ tuntun. Ó gbé e ka tábìlì mi.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá wa ṣí i. Ẹ̀yin lẹ mọ inú ẹ̀."

"Kí lo rò pé ó ṣe é?"

"Ó jọ pé ooru ò dé ọ̀dọ̀ fáànù ni."

"Ó jọ bẹ́ẹ̀?"

"Ó jọ bẹ́ẹ̀, ẹ̀gbọ́n."

Ìwà pẹ̀lẹ́ rẹ̀ yẹn bí mi nínú ju èébú lọ. Ká ní ó bú mi ni, ǹ bá mọ ibi tí màá ti bẹ̀rẹ̀. Mo tú síkúrù, mo gbé irin kúrò. Ọ̀rọ̀ náà wà nílẹ̀ gbangba: pésìtì ṣì dúró gegele láàárín ọpọlọ, igun kan ṣoṣo ni irin ti fara kàn án. Àwọn páàdì tí mo fi sí i ló gbé irin dúró bí ẹsẹ̀ àga, ojú ibi tí wọ́n ti wó mọ́lẹ̀ sì hàn. Nínú iṣẹ́ wa, ìyẹn ni ojú ẹsẹ̀ olè. Aṣọ ìnuwọ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Bí mo bá nù ún lẹ́ẹ̀kan péré, kò sẹ́ni tí yóò rí nǹkan. Mo wo ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó ti yíjú sí fèrèsé, ó ń wo títì, kò sì sí nǹkan kan ní títì. Ó fún mi láyè láti nù ún ni.

Mo fi aṣọ náà sílẹ̀. Mo ní, "Wá wò ó."

Ó wá, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wò ó.

Mo ní, "Páàdì yẹn nípọn jù. Ìlọ́po méjì."

Ó mi orí. "Ó máa ń ṣẹlẹ̀. Mo ti rọ gáàsì kún fíríìjì kan rí, mo rò pé bó bá ṣe pọ̀ tó ni yóò ṣe tutù tó. Kò tutù mọ́ rárá."

Ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ wá páàdì tó tinrin ká. Ọ̀sán ti pọ́n kó tó dé, òógùn bò ó, páàdì sì wà nínú ọ̀rá lọ́wọ́ rẹ̀. Mo tò ó, òun ń tan iná sí i fún mi. Mo gbé ẹ̀rọ náà sórí àtẹ wáyà tí mo máa ń dán iṣẹ́ wò lórí rẹ̀, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń gba ìsàlẹ̀ wọlé, a jẹ́ kó ṣiṣẹ́ fún wákàtí méjì. Kò kọjá méjìléláàádọ́rin. Ó na ọwọ́ sẹ́yìn rẹ̀, ó yára fà á padà, ó rẹ́rìn-ín.

"Ó gbóná dáadáa. Kí la máa sọ fún un, ẹ̀gbọ́n?"

Ẹ gbọ́ ohun tí mo sọ. Bí ẹnu bá jẹ, ojú á tì, wọ́n ní. Tèmi kò tì.

"Sọ fún un pé mo ti tún un ṣe."

Ó ní ó dáa. Kò béèrè ọ̀rọ̀ róbà, èmi náà kò sì mẹ́nu bà á.

Sátidé pé, oòrùn mú. Nígbà tí mo dé ilé wọn, àbúrò mi ti jókòó sídìí tábìlì. Ìyàwó rẹ̀ dúró tì í, róbà méjèèjì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ kí n fi sí i. Tábìlì yìí tẹ́jú jù, yàrá náà sì máa gbóná."

Àbúrò mi ní, "A ò ti sọ̀rọ̀ yìí tán ni? Ẹ̀gbọ́n mi ní ó ń dí afẹ́fẹ́. Àwọn ló tún un ṣe, wọ́n mọ̀ ọ́n." Ó yíjú sí mi. "Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n mi. Láìsí yín, mi ò mọ ibi tí ǹ bá bá a dé."

Ọdún méjì ni mo ti ń retí gbólóhùn yẹn. Ó dé, kò dùn bí mo ṣe rò. Ìyàwó kó róbà sẹ́yìn, ó sì lọ jókòó.

Wákàtí àkọ́kọ́, ooru wà ní mẹ́rìnléláàádọ́rin. Wákàtí kejì, oòrùn yí sí fèrèsé, ó sì bà sórí tábìlì gan-an. Ẹnikẹ́ni kò lè fa kọ́tìnnì nítorí ìdarí ọkọ̀ àti gbogbo wáyà tó kọ́ mọ́ ọn. Ẹ̀rọ náà tẹ́ pẹrẹsẹ sórí pákó, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ń wá afẹ́fẹ́ tí kò sí. Mo rí ọgọ́rin. Mo rí méjìlélọ́gọ́rin. Ipò kẹrin ni àbúrò mi wà nínú ogún, ó ku wákàtí kan àti ààbọ̀. Mẹ́rinlélọ́gọ́rin. Òógùn ń ṣàn lọ́rùn rẹ̀, kò sì lè gbọ́wọ́ kúrò. Ìyàwó rẹ̀ kò wo ooru mọ́, èmi ló ń wò. Ó ti di róbà méjèèjì mú sórí itan rẹ̀.

Iṣẹ́ tí mo tún ṣe dára. Irọ́ tí mo pa ló kù tó ń gbóná. Bó bá dé mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún, ọkọ̀ yóò ta kọ́ńkọ́, ọmọ tí mo tọ́ dàgbà yóò forí sọ ògiri níwájú àwọn tí ọkàn rẹ̀ ti ń fà sí láti kékeré, nítorí pé mi ò fẹ́ kí ìyàwó rẹ̀ jàre mi.

Mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún.

Mo dìde. Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé ẹ̀yìn ẹ̀rọ sókè ní ìwọ̀n ìka méjì, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ojú rẹ̀ kò mì ju bó ṣe yẹ lọ. Ìyàwó ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi kí n tó pè é. Ó ki róbà bọ abẹ́ rẹ̀, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, mo gbé e kalẹ̀.

Àbúrò mi pariwo, ojú rẹ̀ kò kúrò lójú ọ̀nà. "Ta ló ní kí ẹ fi ìyẹn síbẹ̀?"

Mo fa ohun ìgbọ́rọ̀ kúrò ní etí rẹ̀ kan.

"Èmi ni. Róbà ò ṣe nǹkan kan rí. Irọ́ ni mo pa mọ́ ìyàwó ẹ. Páàdì tí mo fi sí i ló ń pa ẹ̀rọ ẹ, òun ló rí i, òun náà ló lọ ra òmíràn. Máa wakọ̀ ẹ."

Mo dá ohun ìgbọ́rọ̀ padà sí i létí. Ó tẹjú mọ́ ọ̀nà, ó ń wakọ̀ lọ. Ooru dúró lórí mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún fún ìgbà tó dà bí ọdún kan. Lẹ́yìn náà ó di mẹ́tàlélọ́gọ́rin. Ó di ọgọ́rin. Ó di méjìdínlọ́gọ́rin, ó sì dúró síbẹ̀.

Ipò kẹta ló parí sí. Ẹgbẹ́ náà mú un lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, nítorí pé àwọn méjì tó wà níwájú ti kọlu ọkọ̀ ẹlòmíràn lójú ọ̀nà, eré tòun mọ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, nígbà tó yọ ohun ìgbọ́rọ̀, kò wo ọ̀dọ̀ mi. Ìyàwó rẹ̀ ló wò.

"O mọ̀?"

"Mo mọ̀."

"Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

"Ẹ̀gbọ́n yín ni wọ́n. Àwọn ló yẹ kó sọ ọ́."

Àbúrò mi dìde, ó lọ bá a níbi tó jókòó sí, ó kúnlẹ̀, ó gbé orí lé e lẹ́sẹ̀. Mo mú báàgì mi, mo sì lọ sílé.

Láti ìgbà náà, bí ẹ̀rọ yẹn bá ké díẹ̀, ìyàwó rẹ̀ ni àbúrò mi kọ́kọ́ ń pè. Ohun tí mo ń bẹ̀rù gan-an ló ṣẹlẹ̀, ọwọ́ ara mi ni mo sì fi ṣe é. Mi ò ní purọ́ fún yín mọ́, mo ṣì ń jowú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ mi náà ló ń gbé e wá, lẹ́yìn kẹ̀kẹ́, nínú aṣọ. Á gbé e ka tábìlì, á tàn án, á sì dúró. Mo máa ń bi í pé ṣé ó ti fọwọ́ kan ẹ̀yìn rẹ̀. Ó máa ń ní rárá, pé èmi ni òun ń dúró dè.